Ibi tí mo ti yọ àga kúrò nínú fọ́tò ń dán bàìbàì: ṣé fíríkúẹ́ńsì sẹparéṣọ̀n lè tún un ṣe?

Onífọ́tò Ìjẹ̀bú

Mo ya bàbá kan níbi ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún wọn. Wọ́n jókòó síwájú ògiri kíríìmù tí wọ́n fọ́n sìmẹ́ńtì wóró-wóró sí lára. Àga ike kan wà lẹ́yìn wọn, mo sì fi irinṣẹ́ tó ń yọ nǹkan kúrò yọ ọ́. Lójú fóònù, kò sẹ́ni tó mọ̀. Nígbà tí mo fọ̀ ọ́ ní 20 × 30 ínṣì, ojú ibẹ̀ ń dán bíi pé ẹnì kan fi òróró pa á, ọmọ bàbá sì ní kí n gbé e padà. Kí ló fà á? Ṣé lóòótọ́ ni pé fíríkúẹ́ńsì sẹparéṣọ̀n, ìyẹn pípín fọ́tò sí ìpele àwọ̀ àti ìpele wóró, lè tún un ṣe?

---

Kámẹ́rà Òkè-Àdó

Má da ara rẹ láàmú. Nínú Photoshop, fi Lasso yí ibẹ̀ ká, kí o fi Unsharp Mask pọ́n ọn. Ohun tó bá ti rí bàìbàì, pípọ́n ni oògùn rẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn látọjọ́ tí mo ti ń fọ fọ́tò.

---

Alátùn-únṣe

Ẹ̀gbọ́n Òkè-Àdó, pípọ́n ṣiṣẹ́ fún fọ́tò tí fókọ́ọ̀sì rẹ̀ yẹ̀ díẹ̀, nítorí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ṣì ní ìyàtọ̀ láàárín ibi tó mọ́lẹ̀ àti ibi tó ṣókùnkùn. Ìyàtọ̀ yẹn ni Unsharp Mask máa ń rí, tó máa ń fẹ̀ sí i. Ibi tí àga yìí wà tẹ́lẹ̀ kò ní ìyàtọ̀ kankan mọ́. Ẹ lè pọ́n ọn títí di alẹ́, kò sí ohun tí irinṣẹ́ náà máa dì mú. Ohun tó kàn máa jáde ni àwọn àpótí kéékèèké JPEG, ibẹ̀ á wá burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Àbúrò Ìjẹ̀bú, wo bí ara ògiri yẹn ṣe wà nínú fáìlì rẹ. Láàárín 0 tó jẹ́ dúdú àti 255 tó jẹ́ funfun, ká ní àwọ̀ ògiri gan-an jẹ́ 190. Wóró sìmẹ́ńtì tí ìmọ́lẹ̀ kọlù lè jẹ́ 210, òjìji kékeré tó wà lábẹ́ wóró náà lè jẹ́ 170. Irinṣẹ́ tó yọ àga kò mọ ohun tó wà lẹ́yìn àga. Ṣe ló lọ yá nǹkan láti oríṣiríṣi ibi tó yí i ká, tó wá pò wọ́n mọ́ra kí ojú ìsopọ̀ má baà hàn. Ibì kan mú 210 wá, ibòmíràn mú 170 wá sórí ojú kan náà. Pa wọ́n pọ̀, kí o pín in sí méjì, 190 ló kù. Wóró pa òjìji, òjìji pa wóró. Ìdí nìyẹn tí àwọ̀ fi bá ti agbègbè rẹ̀ mu, tí ara ògiri kò sì sí níbẹ̀.

Ohun kejì tún wà. Ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ wọ̀nyí, pàápàá èyí tó wà lórí fóònù, máa ń sọ fọ́tò di kékeré kí iṣẹ́ lè yá, wọ́n á ṣe iṣẹ́ náà tán, wọ́n á wá na ibẹ̀ padà sí bó ṣe tóbi tẹ́lẹ̀. O lè fi ojú mọ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí tìrẹ. Ṣí i ní 100%. Tí o bá rí wóró tó tóbi ju ti ẹ̀gbẹ́ lọ, tó sì rọ̀ létí, nínà ni. Tí o kò bá rí wóró kankan, pípò-mọ́ra ni. Méjèèjì máa ń jọ wá pọ̀ nígbà mìíràn.

---

Ìyá Léèsì

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe ojú ìyàwó tó ní rorẹ́ ni wọ́n ń lo fíríkúẹ́ńsì sẹparéṣọ̀n fún ni? Èmi ò fẹ́ràn ẹ̀ rárá. Ọmọkùnrin kan bá mi ṣe fọ́tò ìgbéyàwó ọmọ mi, ó fi nǹkan yẹn sọ ojú gbogbo wa di ike. Kí wá ni ti ògiri níbẹ̀?

---

Alátùn-únṣe

Ìyá wa, ojú ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n jù, òótọ́ ni. Ẹni tó bá yín ṣe é ló pa ara ojú rẹ́. Ohun tí àbúrò fẹ́ ṣe ni òdì-kejì rẹ̀: ara ti parẹ́, ó fẹ́ dá a padà. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà débẹ̀.

Ọ̀nà náà nìyí. A máa pín fọ́tò sí ìpele méjì. Ìpele ìsàlẹ̀ á gbé àwọ̀, ìmọ́lẹ̀ àti òjìji ńlá. Ìpele òkè á gbé wóró, ìhun aṣọ, irun, gbogbo ohun kéékèèké. Tí a bá gbé ọ̀kan lé èkejì, fọ́tò á padà sí bó ṣe wà gẹ́lẹ́.

Nínú Photoshop, ṣe ẹ̀dà fọ́tò lẹ́ẹ̀mejì. Pe ọ̀kan ní `isale`, pe èkejì ní `oke`. Pa `oke` mọ́ lójú ná. Lọ sórí `isale`, kí o lo Gaussian Blur. Fa Radius sókè díẹ̀díẹ̀ títí wóró ògiri á fi ṣẹ̀ṣẹ̀ parẹ́, kí o dúró síbẹ̀. Nínú fáìlì 6000 × 4000, tí wóró bá fẹ̀ tó píksẹ́lì mẹ́wàá, 12 ni mo máa ń kọ́kọ́ dán wò. Wá ṣí `oke` padà, dúró lórí rẹ̀, lọ sí Image, Apply Image:

```
Layer: isale
Blending: Subtract
Scale: 2
Offset: 128
```

`oke` á di àwọ̀ eérú. Yí ipò rẹ̀ sí Linear Light. Tí fọ́tò kò bá padà sí bó ṣe wà, o ti ṣi ibì kan gbà, má tẹ̀ síwájú. Ètò yìí wà fún fáìlì 8-bit o. Tí tìrẹ bá jẹ́ 16-bit, Add ni kí o mú, kí o fi àmì sí Invert, Scale 2, Offset 0.

Kí o tó fi ọwọ́ kan nǹkankan, wo `oke` nìkan ní ipò Normal. Ara ògiri tó dára: wóró 210 fi 20 ju 190 lọ, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 10, o máa rí 138. Òjìji 170 á fún ọ ní 118. Ṣùgbọ́n ibi tí àga wà, eérú tó tẹ́ pẹrẹsẹ lo máa rí, 128, 128, 128. Ibi tó ń dán lórí ògiri bàbá nìyẹn. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo rí i bẹ́ẹ̀ lára iṣẹ́ tèmi, ọkàn mi balẹ̀, torí mo rí i pé ìpele kan péré ló ṣàìsàn. Àwọ̀ ìsàlẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, kò sí ìdí tí mo fi máa tún ògiri kùn.

Dá Linear Light padà. Mú Clone Stamp, fi Sample sí Current Layer. Dúró lórí `oke`, di Alt mú, tẹ ibi tí wóró ti dára, kí o wá fi kun ojú eérú yẹn.

---

Ọ̀gá Sítúdíò

Mo bọ̀wọ̀ fún àlàyé yìí, àmọ́ iṣẹ́ ti pọ̀ jù. Healing Brush ti ń ṣe nǹkan kan náà láìjẹ́ pé èèyàn pín ohunkóhun. Ó ń mú ara láti ibi tí o bá tẹ̀, ó sì ń bá àwọ̀ ibi tí o bá gbé e sí mu. Ọgbọ̀n fọ́tò ni mò ń tún ṣe lálẹ́ Sunday kan ṣoṣo. Tí mo bá ń pín ìpele fún ìkọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ á mọ́ bá mi.

Ní ti Radius, 8 ni mo fi ń ṣe gbogbo tèmi. Kò tíì já mi kulẹ̀.

---

Alátùn-únṣe

Ọ̀gá, lórí ògiri tó gbòòrò, tí kò sí nǹkan nítòsí, mo gbà pẹ̀lú yín. Healing Brush tó, ó sì yá. Ibi tí èmi àti Healing Brush kì í ti bára wa ṣe ni etí nǹkan. Àga yìí wà lẹ́yìn bàbá, ó túmọ̀ sí pé ibi tó ń dán yẹn fara kan èjìká agbádá. Healing Brush máa ń wo etí ibi tí ẹ kùn kó lè mọ àwọ̀ tó máa lò. Tí bọ́rọ́ọ̀ṣì bá kan agbádá funfun, ó máa fa funfun yẹn wọ inú ògiri bí èéfín. Ẹni tó bá ti ṣe é rí mọ̀ ọ́n. Lórí `oke`, Clone Stamp kò gbé àwọ̀ kankan dání, nítorí náà kò sí ohun tó máa fà wọlé.

Ti 8 yẹn kò yé mi. Tí wóró bá tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdajì wóró á ṣẹ́ kù sí `isale`. Ẹ máa kun `oke` tán, ibẹ̀ á rí bí ògiri tó ní iyẹ̀pẹ̀ lára ṣùgbọ́n tí kò ní wóró. Wóró tó wà lára iṣẹ́ ló yẹ kó sọ iye Radius.

---

Ọ̀gá Sítúdíò

Bóyá torí pé àwọ̀ ara èèyàn ni mò ń bá ṣe jù ni. Ṣùgbọ́n iye kan tí ọwọ́ mọ̀ sàn fún mi ju iye tí mo máa máa wá kiri lójú gbogbo fọ́tò. Mo dúró lórí 8.

---

Onílínọ́ọ̀sì

Fún àwa tí a ò ní Photoshop: GIMP ń ṣe é. Ṣe ẹ̀dà méjì, fi Gaussian Blur sí ti òkè, fi òun náà sí ipò Grain extract, tẹ New from Visible, dá ti òkè yẹn padà sí Normal, kí o fi tuntun tó wà lórí rẹ̀ sí Grain merge. Láti 2.10 ni Wavelet decompose sì ti wà nínú Filters, Enhance. Ìyẹn máa pín fọ́tò sí ìpele wóró márùn-ún àti ìyókù kan lẹ́ẹ̀kan náà, wóró kéékèèké lọ́tọ̀, èyí tó tóbi díẹ̀ lọ́tọ̀. Èmi máa ń kun ìpele méjì tàbí mẹ́ta nínú rẹ̀, n kì í ronú Radius rárá.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin méjèèjì ń jà lé lórí, kò sí lọ́dọ̀ wa.

---

Onífọ́tò Ìjẹ̀bú

Mo ti padà dé. Mo ṣe gbogbo rẹ̀ bí ẹ ṣe wí. Ó pín, ó padà bára mu lábẹ́ Linear Light. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe fi Clone Stamp kan ògiri báyìí, ibẹ̀ funfun báláú! Mo dá a padà lẹ́ẹ̀mẹrin. Kí ni mo ṣe?

---

Alátùn-únṣe

Wo Sample lókè. Ó dá mi lójú pé All Layers ló wà níbẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé o mú àwọ̀ ògiri fúnra rẹ̀, 190, o sì gbé e sórí `oke`, níbi tí 128 ti túmọ̀ sí "má fi ohunkóhun kún un". Linear Light wo 190, ó rí i pé ó fi 62 ju 128 lọ, ó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, 124, ó sì fi kún 190 tó wà nísàlẹ̀. Ó kọjá 255 dáadáa. Funfun nìyẹn. Tí ògiri bá ṣókùnkùn ju 128 lọ ni, ṣe ni ibẹ̀ á túbọ̀ ṣókùnkùn. Fi sí Current Layer.

---

Onífọ́tò Ìjẹ̀bú

All Layers ni lóòótọ́. Ẹ ṣeun. Ó ti ń gba wóró báyìí, inú mi dùn gan-an. Nǹkan mẹ́ta ṣì ń dà mí láàmú. Apá ọ̀tún tí òjìji wà, wóró ibẹ̀ le jù, ó dà bí ògiri mìíràn. Nítòsí èjìká bàbá, ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti yọ láàárín ògiri. Òjìji ẹsẹ̀ àga sì ṣì wà nísàlẹ̀.

---

Alátùn-únṣe

Jẹ́ ká mú wọn lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan.

Wóró tó le jù: apá òsì tí ojúmọ́ ń kọlù lo ti mú un, àbí? Níbi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀, ìyàtọ̀ láàárín wóró àti òjìji rẹ̀ á tó ogójì. Nínú òjìji, ògiri kan náà lè má ju ogún lọ. Ìpele `oke` kò mọ ibi tí o gbé nǹkan sí, iye tí o bá gbé wá ló máa fi kún un. Nítorí náà, mú wóró òjìji fún òjìji. Tí wóró òjìji kò bá tó, kun èyí tí o ní sórí ìpele tuntun kan tí o so mọ́ `oke`, kí o dín Opacity rẹ̀ kù títí á fi bá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mu. Kí o sì wo apá tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀. Wóró tí òjìji rẹ̀ wà lápá ọ̀tún kò lè jókòó láàárín àwọn tí òjìji tiwọn wà lápá òsì. Ojú á rí i, kódà ojú ẹni tí kò mọ ohun tó ń wò.

Ìlà funfun: o súnmọ́ agbádá jù nígbà tí o ń tẹ Alt. Gaussian Blur ti da agbádá àti ògiri pọ̀ ní etí wọn, nítorí náà `oke` gbé ìlà kan síbẹ̀ láti tún un ṣe. Ìlà yẹn kì í ṣe ara ògiri. Pẹ̀lú Radius 12, mi ò ní mú wóró láti ibi tí kò jìnnà tó píksẹ́lì ọgbọ̀n sí etí aṣọ. Mi ò sì ní kun orí ìlà tó wà létí agbádá gan-an, torí ìlà yẹn ló ń jẹ́ kí agbádá mú létí. Lọ kun dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí o dúró.

Òjìji ẹsẹ̀ àga: `isale` ló wà, `oke` kò lè ràn ọ́ lọ́wọ́. Lọ sórí `isale`, fi Lasso yí òjìji náà ká pẹ̀lú Feather 30, kí o má jẹ́ kó kan bàbá. Fi Gaussian Blur tó tó 40 sí i. Tí ó bá ṣì hàn, fi Clone Stamp tó rọ̀ létí mú àwọ̀ ògiri láti ẹ̀gbẹ́ lórí `isale` náà. Ibi tí ìpínyà yìí ti dùn mọ́ mi jù nìyí: o lè kun àwọ̀ bí o ṣe fẹ́ nísàlẹ̀, wóró kan kò ní mì lókè.

---

Kámẹ́rà Òkè-Àdó

Mo dán an wò lórí fọ́tò ìsìnkú kan tí mo ti fi pípọ́n bàjẹ́ lọ́dún tó kọjá. Ọ̀rọ̀ yín jóòótọ́, ibẹ̀ jẹ́ eérú pẹrẹsẹ. Ṣùgbọ́n tèmi kì í ṣe ògiri, ẹ̀yìn tó ti wà ní bàìbàì látinú lẹ́ńsì ni, igi àti ilé lókèèrè. Kò sí wóró tí mo lè mú níbì kankan.

---

Alátùn-únṣe

Ẹ̀gbọ́n, nígbà náà ẹ kò nílò ìpínyà kankan. Ohun tó kù ní agbègbè rẹ̀ ni àwọn tótòtó tí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ máa ń fi sílẹ̀, pàápàá tí ISO bá ga. Ibi tí ẹ tún ṣe ló mọ́ jù. Ẹ yan ibẹ̀, ẹ lo Add Noise, Gaussian, bẹ̀rẹ̀ láti 1%, kí ẹ máa fi wé ẹ̀gbẹ́ ní 100%. Ẹ má fi àmì sí Monochromatic tí tótòtó ẹ̀gbẹ́ bá ní àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé nínú.

---

Ọmọ Ìtòkú

Tèmi ni adìrẹ. Oníbàárà wọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ọwọ́ ẹlòmíràn bọ́ síwájú aṣọ, mo yọ ọwọ́ náà. Ìhun òwú ti padà pẹ̀lú ọ̀nà yìí, ó dára gan-an, ṣùgbọ́n àwọn àpótí àti ìlà ẹ̀kọ ti já láàárín. Radius wo ni mo máa lò?

---

Alátùn-únṣe

Kò sí Radius tó máa gbà á. Ìlà ẹlẹ́kọ tóbi ju ìhun òwú lọ fíìfíì, ó sì ń lọ láti ibì kan dé ibì kan. Wóró ògiri, èyíkéyìí ló lè jókòó níbikíbi. Ìlà adìrẹ ní ibi tó ti wá àti ibi tó ń lọ. O ní láti kọ́kọ́ tún ìlà náà fà ṣáájú kí o tó pín ohunkóhun. Mú apá aṣọ mìíràn tí àpẹẹrẹ kan náà wà, gbé e wá, fi Warp tẹ̀ ẹ́ títí àwọn ìlà á fi pàdé. Tí ìlà bá ti so pọ̀ tán, kí o wá pín in fún àwọ̀ àti ìhun.

---

Ìyá Léèsì

Ọmọ Ìtòkú, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ya ọ̀pọ̀ ẹlẹ́kọ. Àpótí kan kì í jọ èkejì tán. Ẹni tó bá mọ adìrẹ á rí i pé o gbé apá kan lé ibòmíràn. Ṣé kò sí fọ́tò mìíràn tí o yà tẹ̀lé e, tí ọwọ́ yẹn ti kúrò níwájú aṣọ? Ibẹ̀ ni mo máa wá.

---

Ọmọ Ìtòkú

Ó wà, ṣùgbọ́n ó ti yí ara padà nínú rẹ̀, aṣọ ti ká kò. Mo máa gbìyànjú méjèèjì.

---

Onífọ́tò Ìjẹ̀bú

Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Mi ò fẹ́ tún san owó 20 × 30 kí n tó mọ̀ bóyá ó dára o.

---

Alátùn-únṣe

Má san án. Píksẹ́lì 6000 lórí 30 ínṣì jẹ́ 200 fún ínṣì kọ̀ọ̀kan. Gé apá tó fẹ̀ ní 1200, tó ga ní 800 kúrò nínú fáìlì, kí ibi tí àga wà àti díẹ̀ nínú ògiri tí o kò fọwọ́ kàn jọ wà nínú rẹ̀. Fọ̀ ọ́ ní 4 × 6 lásán, lórí irú pépà kan náà. Bí ibẹ̀ ṣe máa rí gẹ́lẹ́ nínú férémù ńlá nìyẹn. Gbé e síbi tí ojúmọ́ ti ń wọlé, kí o yí i sí ọ̀tún sí òsì. Kí o tún wá wóró méjì tó jọra bí ìbejì, torí tí o bá mú láti ojú kan ṣoṣo léraléra, pépà máa fi í hàn ju ojú kọ̀ǹpútà lọ.

---

Onífọ́tò Ìjẹ̀bú

Mo fọ 4 × 6 náà láàárọ̀ yìí. Ìbejì mẹ́ta ni mo rí nítòsí ibi tí ẹ̀yìn àga wà, mo sì ti mú wóró láti ibòmíràn bò wọ́n. Mo gbé pépà kejì fún ọmọ bàbá láìsọ ohunkóhun. Ó wò ó, ó ní kí ni mo fẹ́ kí òun rí níbẹ̀.